Orí Kẹfà: Kẹ́ẹ̀gì Tó Ń Jẹ Àjẹkù

Gáàsì tó máa ń kọ́kọ́ jáde nínú àgbá báyógáàsì kì í jó. Mo fẹ́ kí òǹkàwé ti mọ èyí kó tó lọ ra kẹ́ẹ̀gì, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ àyíká ti máa ń sọ̀rètí nù. Wọ́n á da ẹ̀bà àná àti ìrẹsì tó ti kan sínú kẹ́ẹ̀gì, wọ́n á dé e pa, kó tó di ọjọ́ kejì gáàsì á ti máa tì jáde. Inú wọn á dùn. Wọ́n á ṣáná sí i, iná á kú. Wọ́n á tún un ṣe, iná á tún kú. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, kẹ́ẹ̀gì ò ní mú gáàsì kankan jáde mọ́, òórùn rẹ̀ á sì dà bíi ti omi ògì tó ti pẹ́ jù. Kì í ṣe pé kẹ́ẹ̀gì náà jò, kì í sì í ṣe pé àjẹkù náà kò dára. Wọ́n bọ́ ọ yó jù ni.

Ká lè mọ ìdí rẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì. Àwọn onímọ̀ máa ń pín iṣẹ́ náà sí ìpele mẹ́rin, àmọ́ fún ohun tí a fẹ́ ṣe, ó tó kéèyàn mọ ìran kòkòrò àìfojúrí méjì. Ìran kìíní ń fọ́ oúnjẹ sí wẹ́wẹ́, ó sì ń sọ ọ́ di ásíìdì. Bó ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni kábọ́nì dáyọ́ksáìdì àti háídírójìn díẹ̀ ń jáde. Ìran kejì ló ń jẹ ohun tí ìran kìíní ṣe, tó sì ń sọ ọ́ di mítéènì, ìyẹn gáàsì tó ń jó. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn aṣe-ásíìdì yára: láàárín wákàtí díẹ̀ iye wọn lè di ìlọ́po méjì. Àwọn aṣe-mítéènì ń lo ọjọ́ púpọ̀ kí wọ́n tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti wà ní ẹ̀yìn ilé níbi ìnáwó ńlá mọ bó ṣe máa ń rí nígbà tí àwọn tó ń kó àwo jíjẹ wá bá pọ̀, tí àwọn tó ń fọ̀ ọ́ kò sì ju méjì lọ. Bí ásíìdì ṣe ń ga pelemọ nínú kẹ́ẹ̀gì nìyẹn. Bó bá sì ti ga dé àyè kan, ásíìdì yẹn fúnra rẹ̀ á dá àwọn aṣe-mítéènì dúró, gbogbo rẹ̀ á sì kan.

Àwọn aṣe-mítéènì kò fẹ́ afẹ́fẹ́ rárá. Ní ọdún 1776, Alessandro Volta, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ítálì, ro ẹrẹ̀ tó wà létí adágún Maggiore, ó kó afẹ́fẹ́ tó ń hó jáde níbẹ̀ sínú ìgò, ó sì rí i pé ó ń jó. Irú ibi bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé, níbi tí ọ́síjìn kò dé: ìsàlẹ̀ àbàtà, inú ikùn màlúù. Wọn kò sí nínú ẹ̀bà. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ lọ mú wọn wá láti odò ẹran tàbí gàá Fúlàní kí a tó fún kẹ́ẹ̀gì wa ní àjẹkù kankan.

Àjẹkù sì yàtọ̀ sí ìgbẹ́ màlúù. Màlúù ti jẹ èyí tó rọrùn nínú koríko tán kó tó yà á, èyí tó kù le, ó sì ń jẹrà díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀bà, ìrẹsì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n àti dòdò àná kún fún sítáàṣì àti ṣúgà tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn. Ilé iṣẹ́ ìwádìí kan tó ń jẹ́ ARTI ní ìlú Pune, ní Íńdíà, gba ẹ̀bùn Ashden ní ọdún 2006 nítorí pé wọ́n lo àǹfààní yìí: wọ́n ṣe àgbá kékeré fún ìdílé, tó ń jẹ àjẹkù dípò ìgbẹ́ màlúù, oúnjẹ díẹ̀ sì ń fún wọn ní gáàsì tí ìgbẹ́ púpọ̀ ì bá fún wọn. Ohun kan náà tó mú àjẹkù dára fún iṣẹ́ yìí ló mú un léwu. Ó yá jù fún àwọn aṣe-mítéènì.

Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tí wọ́n fi ń ta òróró ni mo máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lò. Kí wọ́n fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ òróró inú rẹ̀ kúrò pátápátá, kí wọ́n sì fi omi lásán ṣàn án dáadáa. Ihò mẹ́ta ló nílò. Èkíní ni ọ̀nà oúnjẹ: píìpù tó gba àtàǹpàkò méjì, tí yóò wọ inú kẹ́ẹ̀gì títí yóò fi ku nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 kó kan ìsàlẹ̀, tí yóò sì yọ sókè ní sẹ̀ǹtímítà 50. Gígùn yìí kì í ṣe fún ẹ̀ṣọ́. Bí ẹnu píìpù náà kò bá rì sínú omi ìgbẹ́, gáàsì á gba ibẹ̀ sá lọ. Bí kò bá sì yọ sókè tó, nígbà tí gáàsì bá ń tì, omi ìgbẹ́ á gba ẹnu rẹ̀ ya sílẹ̀. Ihò kejì wà lórí, fún gáàsì, pẹ̀lú fáàfù kékeré àti họ́ọ̀sì. Ẹ̀kẹta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, nísàlẹ̀ díẹ̀ sí àárín, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí a ó máa fi fa omi tí a ti lò jáde. Gọ́ọ̀mù epóksì oníṣẹ́ méjì ni kí ẹ fi lẹ ojú gbogbo ihò, kí ẹ fún un ní ọjọ́ kan kó gan. Lẹ́yìn náà, ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ láti ọ̀nà gáàsì nígbà tí omi lásán wà nínú rẹ̀, kí ẹ fi kànìnkànìn pa fọ́ọ̀mù ọṣẹ sí gbogbo oríkèé. Ibi tí fọ́ọ̀mù bá ti ń wú, ó ń jò. Gáàsì tó ń gba ojú ihò abẹ́rẹ́ jáde lóru lè kó gbogbo ìṣirò yín dànù, láìjẹ́ pé ẹ gbóòórùn ohunkóhun.

Kẹ́ẹ̀gì kejì ni òṣùwọ̀n. Omi iyọ̀ ni a ó rọ kún un, nítorí kábọ́nì dáyọ́ksáìdì máa ń yòrò sínú omi lásán ju bó ṣe ń yòrò sínú omi iyọ̀ lọ. Họ́ọ̀sì gáàsì wọ̀ ọ́ láti òkè. Họ́ọ̀sì mìíràn lọ dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì jáde sórí garawa. Bí gáàsì bá wọlé, á ti omi jáde, lítà omi kan nínú garawa sì jẹ́ lítà gáàsì kan. Ẹ jẹ́ kí ẹnu họ́ọ̀sì tó ń da omi yìí wà ní déédéé ọrùn kẹ́ẹ̀gì. Bó bá wà nísàlẹ̀ jù, omi á máa fà fúnra rẹ̀, á sì máa fa afẹ́fẹ́ wọ inú kẹ́ẹ̀gì àkọ́kọ́. Tí ẹ bá ti ka iye tó wà nínú garawa tán, ẹ pa fáàfù kẹ́ẹ̀gì àkọ́kọ́, ẹ fi fọ́nẹ́ẹ̀lì da omi náà padà, kí gáàsì lè gba ẹ̀ka họ́ọ̀sì kan lọ sínú túùbù táyà ọkọ̀ tí ẹ ti tẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ dànù tẹ́lẹ̀. Túùbù yẹn ni ilé ìṣúra gáàsì yín.

Ìgbẹ́ màlúù tútù kílò 10 àti omi lítà 10 tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Omi ẹ̀rọ tí wọ́n fi kílórìn sí gbọ́dọ̀ sùn nínú garawa kan láìdé kí ẹ tó lò ó. Ẹ pò ó pọ̀, ẹ yọ pòròpórò tó gùn jù nínú rẹ̀, ẹ dà á sínú kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ló máa ń gbà kí gáàsì tó jó. Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹ má ṣe fún un ní ìrẹsì, bó ti wù kí ó wù yín tó. Ibi tó móoru tó sì ní ìbòòji ló fẹ́. Ìwọ̀n ooru 35 ló dára jù fún un. Nǹkan bí 28 tí a sábà máa ń ní ní ìwọ̀ oòrùn gúúsù Nàìjíríà tó o, ṣùgbọ́n á lọ́ra díẹ̀. Ohun tí kò fẹ́ ni kí ọ̀sán móoru, kí òru wá tutù gan-an bíi ti ìgbà ọyẹ́, nítorí kẹ́ẹ̀gì kékeré kì í tọ́jú ooru. Àpótí tí a kó ìyẹ̀fun pákó sí yí i ká ń ràn án lọ́wọ́.

Ní báyìí, ó kan ìwọ̀n oúnjẹ, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ ká fara balẹ̀ sí jù lọ. Kì í ṣe gbogbo àjẹkù ló ń di gáàsì. Omi inú rẹ̀ kì í di gáàsì, bẹ́ẹ̀ ni eérú tó máa ń ṣẹ́kù bí a bá sun ún. Nítorí náà, ní láàbù, a ó mú gíráàmù 100 àjẹkù tí a ti gún tàbí tí a ti lọ̀, a ó gbẹ ẹ́ nínú ààrò ìwọ̀n ooru 105 títí ìwúwo rẹ̀ kò fi ní dín mọ́. Ká ní ó ku gíráàmù 22. A ó wá sun gbígbẹ yẹn nínú ìléru ìwọ̀n 550, ká ní eérú tó kù jẹ́ gíráàmù 2. Ohun tó jóná lọ, ìyẹn gíráàmù 20, ni oúnjẹ gidi tí àwọn kòkòrò wa lè jẹ.

Kẹ́ẹ̀gì tí kò ní ẹ̀rọ tó ń rò ó, tí kò sì ní iná tó ń mú un gbóná, kò yẹ kó gba ju nǹkan bíi gíráàmù kan oúnjẹ gidi yìí fún lítà kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Lítà 20 ló wà nínú tiwa. Ìyẹn ni pé gíráàmù 20 oúnjẹ gidi, tí í ṣe gíráàmù 100 àjẹkù tútù, ni oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Ìwọ̀n tó lè kún àtẹ́lẹwọ́ ni. Ojú máa ń ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti fi èyí hàn nínú ìwé ìròyìn wọn, nítorí ó kéré lójú wọn, bẹ́ẹ̀ ohun tó yẹ kẹ́ẹ̀gì náà nìyẹn. A ó fi omi kún un títí yóò fi pé ìdajì lítà. Kí a tó dà á sínú rẹ̀, a ó kọ́kọ́ fa ìdajì lítà jáde láti ẹ̀rọ ẹ̀gbẹ́, kí ìwọ̀n inú kẹ́ẹ̀gì má bàa yí padà. Lítà 20 tó ń fi ìdajì lítà paarọ̀ lójúmọ́ túmọ̀ sí pé oúnjẹ máa ń lo nǹkan bí 40 ọjọ́ nínú rẹ̀ kó tó jáde, àkókò yẹn sì tó fún àwọn tó lọ́ra láti bímọ kí a má baà fà wọ́n dànù tán.

Ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ láti gíráàmù 100. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí gáàsì ìgbẹ́ màlúù bá ti ń jó, ẹ fún un ní 25 lójúmọ́. Lọ́sẹ̀ kejì 50, lẹ́yìn náà 75, kó tó di 100. Bí ìfúnni ọ̀sẹ̀ kan kò bá tíì mú gáàsì tó dúró déédéé wá, ẹ dúró síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mìíràn.

Bí gbogbo rẹ̀ bá dúró dáadáa, a lè retí nǹkan bí ìdajì lítà gáàsì láti ara gíráàmù oúnjẹ gidi kọ̀ọ̀kan, ìyẹn lítà 10 lójúmọ́. Ká ní ìdá 60 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ mítéènì, lítà mẹ́fà nìyẹn. Kí ni ó lè ṣe? Láti mú lítà omi kan kúrò ní ìwọ̀n ooru 30 títí yóò fi hó, nǹkan bíi kílòjúùlù 293 ni ooru tó gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀. Ìdajì ooru tó bá jáde nínú sítóòfù kékeré ló máa ń dé inú ìkòkò bí ọwọ́ bá dára, nítorí náà a nílò ìlọ́po méjì, nǹkan bíi 590. Lítà mítéènì kan ń fún wa ní nǹkan bíi kílòjúùlù 35. Ìyẹn jẹ́ lítà mítéènì 17, tí í ṣe nǹkan bíi lítà báyógáàsì 28. Gáàsì ọjọ́ mẹ́ta ni kẹ́ẹ̀gì wa máa fi se lítà omi kan. Mo fẹ́ràn kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ gbólóhùn yìí gẹ́gẹ́ bó ṣe rí sínú ìròyìn rẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti lè ṣírò bí àgbá tí yóò máa dáná fún ìdílé kan ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó.

Ìwọ̀n mítéènì yẹn, a kò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá láti mọ̀ ọ́n. Síríńjì mílílítà 60 àti omi sódà kọ́sítíìkì, irú èyí tí àwọn aṣọṣẹ ń lò, ti tó. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti awò ojú, nítorí sódà yìí ń bó awọ ara, ó sì lè fọ́ni lójú. Ẹ yòrò gíráàmù 10 sínú omi tó tó mílílítà 100. Ẹ fa mílílítà 40 gáàsì sínú síríńjì láti inú túùbù, kí ẹ tún fa mílílítà 10 omi sódà tẹ̀ lé e. Ẹ dí ẹnu rẹ̀, kí ẹ máa mì ín. Ẹ ó rí i tí ọ̀pá síríńjì ń sún wọlé fúnra rẹ̀, nítorí omi sódà ń gbé kábọ́nì dáyọ́ksáìdì mì. Tí kò bá sún mọ́, ẹ ka gáàsì tó kù. Bó bá ku 24 nínú 40, ìdá 60 nínú 100 nìyẹn, iná á jó dáadáa. Bó bá ku 12, ẹ má wulẹ̀ ṣáná sí i.

Àyẹ̀wò kékeré yìí ló máa ń tètè tú àṣírí ẹni tó bọ́ kẹ́ẹ̀gì yó. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan wá bá mi ní sáà kan, ọjọ́ tí wọ́n máa fi iṣẹ́ sílẹ̀ ti sún mọ́.

"Sà, gáàsì tiwa ti ju ti gbogbo ẹgbẹ́ tó kù lọ. Ó ti di lítà 17 lójúmọ́!"

"Kí lẹ fún un jẹ?"

Wọ́n wo ara wọn. "Ìrẹsì ni, sà. Ó ṣẹ́kù níbi ọjọ́ ìbí kan ní họ́ọ́sítẹ́ẹ̀lì. A fún un ní bíi ìdajì kílò lọ́jọ́ méjì tó tẹ̀ léra."

Mo ní kí wọ́n lọ mú síríńjì. Mílílítà 16 ló kù nínú 40. Gáàsì pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ kábọ́nì dáyọ́ksáìdì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀: àwọn aṣe-ásíìdì ti ń jẹun lọ, àwọn aṣe-mítéènì ti há sẹ́yìn. Bébà ìdánwò fi pH 6.7 hàn lọ́jọ́ yẹn, tó fi dà bíi pé nǹkan kò tíì bàjẹ́ púpọ̀. Lọ́jọ́ kẹta ó ti di 5.9, gáàsì sì ti já wálẹ̀. Ẹ kíyè sí bí nǹkan ṣe tẹ̀ lé ara wọn: ìwọ̀n mítéènì ló kọ́kọ́ yí padà, pH ló gbẹ̀yìn. Nínú omi ìgbẹ́, àwọn ohun kan wà tó ń pa ásíìdì rọ̀. Títí wọn yóò fi tán, pH kò ní sọ òótọ́ fún yín. Ẹni tó bá ń dúró de pH nìkan á máa gbọ́ ìròyìn lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí.

Ohun tí a ṣe ni pé wọ́n dáwọ́ oúnjẹ dúró pátápátá. Wọ́n fa lítà mẹ́jọ jáde, wọ́n sì fi lítà mẹ́jọ láti inú kẹ́ẹ̀gì ẹgbẹ́ mìíràn tó ń ṣe dáadáa rọ́pò rẹ̀. Wọ́n yòrò gíráàmù 20 sódà ìyẹ̀fun, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe àkàrà òyìnbó, sínú omi díẹ̀, wọ́n ń dà á sí i lójoojúmọ́ títí pH fi kọjá 6.8. Káún tí wọ́n fi ń se ewédú náà lè ṣe é, nítorí irú èròjà bẹ́ẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí inú rẹ̀ kì í dọ́gba, kò sì rọrùn láti ṣírò. Ẹ má da èyíkéyìí nínú wọn sí i fún ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ, nítorí sódíọ́ọ̀mù tó bá pọ̀ jù náà ń ni àwọn kòkòrò lára. Gáàsì padà jó, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo fún wọn ní máàkì tó dára nítorí pé wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, láìfi ìwọ̀n mítéènì tó já pamọ́.

Àwọn nǹkan kan wà tí kẹ́ẹ̀gì kékeré kò gbọ́dọ̀ rí rárá. Èèpo ọsàn jẹ́ ọ̀kan, nítorí òróró olóòórùn inú rẹ̀ ń pa àwọn aṣe-mítéènì. Epo ọbẹ̀ díẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n tó bá pọ̀, á léfòó, á sì bo ojú omi. Omi tí wọ́n fi ọṣẹ àti hypo fọ àwo, ẹ dà á sí kòtò. Èèpo iṣu ṣeé lò tí a bá gún un kúná. Egungun kò wúlò níbẹ̀. Ìrẹsì àti ẹ̀bà nìkan kò sì tó: wọn kò ní náítírójìn púpọ̀, nítorí náà ẹ máa pò wọ́n pọ̀ mọ́ àjẹkù ẹ̀wà tàbí ẹ̀fọ́.

Nípa iná. Mítéènì tó bá tó ìdá 5 sí 15 nínú 100 afẹ́fẹ́ lè búgbàù bó bá rí iná, nítorí náà túùbù àkọ́kọ́ tó kún, tí afẹ́fẹ́ inú kẹ́ẹ̀gì ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ tú u dànù síta. Ẹ má ṣáná sí ẹnu kẹ́ẹ̀gì láéláé. Láti inú túùbù tí ẹ ti yà sọ́tọ̀ ni kí ẹ ti dáná, ní gbangba, kí ẹ sì ki kànìnkànìn onírin sínú họ́ọ̀sì kí iná má baà sáré padà. Irin yẹn, bó bá ti dípẹtà díẹ̀, tún máa ń gba lára háídírójìn sọ́fáìdì, gáàsì tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, tó sì jẹ́ májèlé. Tí ẹ bá ń lo bọ́nà láàbù, ẹ pa ihò afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ dé díẹ̀, nítorí báyógáàsì kò nílò afẹ́fẹ́ tó ti gáàsì ìdáná. Ẹ ṣe é ní ìrọ̀lẹ́, nítorí ọwọ́ iná rẹ̀ búlúù, ó sì fẹ́lẹ́, oòrùn ọ̀sán máa ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé kò jó, kó sì na ọwọ́ sí i.

Nígbà tí sáà bá parí, ẹ má kàn ṣí kẹ́ẹ̀gì nínú yàrá. Ẹ dáwọ́ oúnjẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ sun gáàsì tó kù, kí ẹ gbé e lọ sí gbangba kí ẹ tó yọ ìdérí rẹ̀, láìsí iná tàbí sìgá nítòsí. Ẹ tọ́jú lítà márùn-ún nínú omi rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì tí ìdérí rẹ̀ kò le pa, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀ lè fi bẹ̀rẹ̀ tiwọn láìtún lọ sí odò ẹran. Èyí tó kù, ẹ fi omi là á dáadáa, kí ẹ dà á sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí àgbàdo. Ẹ má dà á sórí ewébẹ̀ tí wọ́n máa ń jẹ ní tútù, nítorí ooru inú kẹ́ẹ̀gì wa kò tó láti pa gbogbo kòkòrò àrùn tó bá ìgbẹ́ màlúù wá.